Nígbà tí ‘Pléènì’ Kì Í Ṣe Bàálù: Ìwé Ọ̀rọ̀ Sáyẹ́ǹsì Elédè Méjì

Ọ̀pọ̀ ìbéèrè físíìsì ló kún fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọ́ láti kékeré, síbẹ̀ tí kò ní yé e bó bá dé inú gbọ̀ngàn ìdánwò. Wọ́n lè sọ fún un pé ‘bọ́dì’ kan wà lórí ‘pléènì’ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó jẹ́ ‘simúùtù’, pé okùn ‘láìtì’ ni wọ́n fi so ó mọ́ bọ́dì mìíràn tó rọ̀ dirodiro lápá kejì, àti pé àwọn méjèèjì wà ‘ní rẹ́sìtì’ kí wọ́n tó jọ̀wọ́ wọn. Nílé, ara ènìyàn tàbí ara ọkọ̀ ni bọ́dì. Bàálù ni pléènì. Láìtì ni iná tí wọ́n ń mú wá tí wọ́n tún ń mú lọ. Ọmọ tó bá gbé ìtumọ̀ ilé wọ inú ìbéèrè yìí yóò máa wá bàálù àti iná nínú ohun tí kò ju pákó kan tí wọ́n dà gẹ̀rẹ́ àti okùn kan lọ.

Ìtumọ̀ tí físíìsì fún àwọn ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Bọ́dì ni ohunkóhun tí a lè tì tàbí kí a fà, ìbáà ṣe òkúta, ìbáà ṣe ọkọ̀ àjàgbé. Pléènì ni ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti pákó. Simúùtù ń sọ pé ojú pákó náà kò fa nǹkan sẹ́yìn rárá bí nǹkan bá ń yọ̀ lórí rẹ̀. Okùn láìtì ni okùn tó fúyẹ́ débi pé a kò ní ka ìwúwo rẹ̀ mọ́ ìṣirò. Ní rẹ́sìtì túmọ̀ sí pé wọn kò tíì mira. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ èyí, ó ti rí nǹkan mẹ́ta tí olùdánwò dá sí fún un láìsọ ọ́ ní gbangba: kò ní ṣírò ohun tó ń fà sẹ́yìn, kò ní ṣírò ìwúwo okùn, òdo sì ni ìyára ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò jókòó máa wá iye tí wọn kò fún un.

Kì í ṣe àwọn ọmọ Yorùbá nìkan ni irú èyí ń bá fínra. Ní ọdún 1985, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwádìí àwọn olùwádìí méjì jáde lórí ọ̀rọ̀ tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì. Ohun tí wọ́n rí ni pé kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá tí olùkọ́ máa ń dúró ṣàlàyé nìkan ni wàhálà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé rò pé ọmọ ti mọ̀ ló ń ṣì í lọ́nà. ‘Fólátáìlì’ jẹ́ ọ̀kan: ohun tó máa ń yára di oorú tó sì ń fò lọ ni, bí ẹ́pétírò ṣe ń ṣe bí a bá ṣí ìdérí kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé ohun tó lè bú gbàmù ni. Àwọn tó ni èdè náà ni wọ́n ń ṣì í gbọ́ báyìí. Kí ni ká wá sọ nípa ọmọ tó jẹ́ pé inú kíláàsì nìkan ló ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó kúnná?

Ìdí nìyí tí ìwé ọ̀rọ̀ elédè méjì fi wúlò, ìyẹn ìwé tó to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá síra wọn. Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́, Gẹ̀ẹ́sì sì di iṣẹ́ kan lára iṣẹ́, pẹ̀lú olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta lọ, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Kí ètò náà tó lè rìn, wọ́n ní láti wá orúkọ Yorùbá fún ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ìwé sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Lẹ́yìn náà, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwádìí ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jáde ní èdè mẹ́sàn-án, Yorùbá sì wà lára wọn. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní ọdún 1984, ṣùgbọ́n ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ ni ìyẹn dá lé.

Ibi tí àlàfo wà ni sẹ́kọ́ńdìrì. Òfin ilẹ̀ wa kò fìgbà kan sọ pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ físíìsì níbẹ̀. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ìparí ọdún 2022 kò kọjá ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sì kéde ní ọdún 2025 pé wọ́n ti fagi lé ìyẹn náà. Gẹ̀ẹ́sì ni Wáẹ́kì fi ń bi ìbéèrè físíìsì, Gẹ̀ẹ́sì náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi dáhùn. Nítorí náà, ìwé ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí kì í ṣe láti fi Yorùbá rọ́pò Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ yé ọmọ ní èdè tó fi ń ronú, kó tó padà lọ sọ ọ́ ní èdè tó fi ń gba máàkì.

Àmọ́ ìwé ọ̀rọ̀ burúkú lè ba nǹkan jẹ́ ju àìní ìwé lọ. Ìwé ọ̀rọ̀ burúkú ni èyí tó kàn to ọ̀rọ̀ kan ní ọ̀tún, ọ̀rọ̀ kan ní òsì, tó sì dákẹ́. Ibi tí èyí ti máa ń hàn jù ni orí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa fẹ́ràn: agbára.

Ẹ ní kí àwọn tó wà nítòsí túmọ̀ ‘fọ́ọ̀sì’, ‘ẹ́nájì’ àti ‘páwà’. Agbára ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kò sì lè bá wọn jà. Lẹ́nu wa, ìjọba ní agbára, akọni ní agbára, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ní agbára, oúnjẹ náà ń fúnni ní agbára. Ṣùgbọ́n nínú físíìsì, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì fi ń wọ̀n wọ́n. Fọ́ọ̀sì ni títì tàbí fífà, níútọ̀nù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ́nájì ni ohun tó wà nínú nǹkan tó fi lè ṣiṣẹ́, júùlù ni tirẹ̀. Páwà ni bí iṣẹ́ ṣe ń yára parí tó, wáàtì ni tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé rẹ̀ kọ ‘agbára’ síwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi níútọ̀nù dáhùn ìbéèrè wáàtì, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ pé òun gbà á.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó. A máa ń sọ pé wọ́n fi ipá tì ílẹ̀kùn, a máa ń sọ pé kò sí okun nínú ẹni tí ebi ń pa, a sì máa ń béèrè bí agbára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe tó. Ipá sún mọ́ fọ́ọ̀sì pẹ́kípẹ́kí. Okun bá ẹ́nájì mu, nítorí ó ń bẹ nínú nǹkan kódà bí nǹkan náà bá jókòó jẹ́ẹ́. Agbára ẹ́ńjìnnì sì ni páwà gan-an. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí, tó sì dúró lórí ìpín náà, ìjà ti parí. Lóòótọ́, àwọn ìwé kan ń pe ẹ́nájì ní agbára. Kò burú, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ‘ìwé mìíràn ń pè é ní agbára’, kó má bàa dàrú bó bá pàdé rẹ̀.

Ojú ewé kan ṣoṣo tó pé lè fi iṣẹ́ náà hàn. Lórí ewé ti páwà, ìlà àkọ́kọ́ yóò gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé kíláàsì, pẹ̀lú ‘agbára’ tí a yàn fún un. Lẹ́yìn náà ni ìtumọ̀ ní Yorùbá: iye iṣẹ́ tí a ṣe láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àmì àti ìwọ̀n: P ni àmì rẹ̀, wáàtì ni ìwọ̀n rẹ̀, P = W ÷ t sì ni ìṣirò rẹ̀. Níbí ni kí ó ti ṣe àkíyèsí pé W inú ìṣirò yìí dúró fún iṣẹ́, nígbà tí W tó tẹ̀lé iye, bíi 60 W, dúró fún wáàtì. Lẹ́tà kan náà ni, iṣẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ìlà tó tẹ̀lé e ni èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ọ̀rọ̀ kì í ní, òun ló sì níye lórí jù: ‘má ṣe pa á pọ̀ mọ́ okun, má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ipá’. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ìwé kíláàsì ṣe gbé e kalẹ̀ ló kẹ́yìn, ní gbólóhùn kan tó pé, nítorí gbólóhùn yẹn ni olùdánwò yóò wò.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìṣirò dán an wò. Ká ní Táíwò àti Kẹ́hìndé wọ̀n 40 kg lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gun àkàbà ilé tó ga ní mítà 3. Táíwò sáré gùn ún ní ìṣẹ́jú-àáyá 6. Kẹ́hìndé rọra gùn ún ní ìṣẹ́jú-àáyá 12. Ilẹ̀ ń fa kílò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ipá tó tó níútọ̀nù 10, nítorí náà ipá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi gbé ara rẹ̀ sókè kò gbọ́dọ̀ dín ní 40 × 10, ìyẹn 400 N. Iṣẹ́ ni ipá tí a fi ìrìn sí ojú ibi tó dojú kọ sọ di púpọ̀: 400 × 3, ìyẹn 1,200 J. Àwọn méjèèjì ṣe iṣẹ́ kan náà, iye okun kan náà ni wọ́n sì fi kún ara wọn nípa gíga. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni agbára. Ti Táíwò jẹ́ 1,200 ÷ 6, ìyẹn 200 W. Ti Kẹ́hìndé jẹ́ 1,200 ÷ 12, ìyẹn 100 W. Bí Táíwò bá ń mí hẹlẹ-hẹlẹ tó ń sọ pé òun ló ṣiṣẹ́ jù, físíìsì kò ní gbè é. Òun ló yára jù ni.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ nílò ewé tirẹ̀, nítorí òun ni ó máa ń bí àwọn èèyàn nínú jù. Alábàárù gbé àpò ìrẹsì 50 kg láti ilẹ̀ dé orí rẹ̀ tó ga ní mítà 1.5: ó ti ṣe iṣẹ́ 750 J lórí àpò náà. Oníbàárà rẹ̀ wá dúró ń ná ata lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún ìdajì wákàtí, àpò ṣì wà lórí alábàárù. Físíìsì ní kò ṣe iṣẹ́ kankan lórí àpò náà ní gbogbo àkókò yẹn, torí àpò kò gòkè sí i. Ẹ má sọ èyí fún un lójú o. Òótọ́ ni pé iṣan ara rẹ̀ ń jó okun nínú kí ó tó lè dúró, ọrùn sì ń dùn ún. Àmọ́ ohun tí físíìsì ń kà ni ipá àti ìrìn tí ipá náà fà, kì í ṣe àárẹ̀. Bí ìwé ọ̀rọ̀ bá kọ ‘wọ́ọ̀kì: iṣẹ́’ láìfi ìyàtọ̀ yìí sí i, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ 750 J níbi tí ìdáhùn ti jẹ́ òdo.

Ilé náà ni a ti lè rí ẹ̀rí pé okun àti agbára kì í ṣe ọ̀kan. Gílóòbù tí wọ́n kọ 60 W sí lára ń sọ agbára rẹ̀ fún wa, ìyẹn bó ṣe ń yára jẹ okun. Yúníìtì tí à ń rà sórí mítà iná ni okun náà: yúníìtì kan jẹ́ agbára 1,000 W fún wákàtí kan, ìyẹn 3,600,000 J. Bí gílóòbù 60 W bá tàn fún wákàtí mẹ́wàá, ó ti jẹ 0.6 yúníìtì. Nígbà tí káàdì bá tán tí a ní ‘páwà ti tán’, lójú físíìsì okun tí a sanwó fún ló tán.

Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa mọ̀ pé ìwé ọ̀rọ̀ òun kò ṣì òun lọ́nà? Ọ̀nà méjì wà tí kò ná an ní kọ́bọ̀. Èkíní ni kí ó ka ìtumọ̀ Yorùbá tó kọ, láìdárúkọ ọ̀rọ̀ náà, sétí ẹni tó mọ físíìsì dáadáa, kí ẹni náà sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹni náà bá sọ ọ̀rọ̀ kan lójú ẹsẹ̀, ìtumọ̀ náà dára. Bó bá sọ méjì, tàbí tó ní ‘ó lè jẹ́ èyí, ó lè jẹ́ tọ̀hún’, kí akẹ́kọ̀ọ́ padà lọ tún un kọ. Ẹni tó kọ ‘páwà: ohun tó ń mú nǹkan ṣiṣẹ́’ yóò gbọ́ ẹ́nájì, yóò gbọ́ páwà, bóyá yóò tilẹ̀ gbọ́ fọ́ọ̀sì pẹ̀lú. Ọ̀nà kejì ni ìwọ̀n. Lẹ́yìn ìṣirò, kí ó wo ohun tó gbẹ̀yìn iye tó rí. Bí ìbéèrè bá ń béèrè agbára tí ìdáhùn rẹ̀ sì parí sí júùlù, ọ̀rọ̀ méjì ti gba ipò ara wọn níbì kan.

Àmì ohùn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nínú irú ìwé yìí. Okun ni ẹ́nájì. Òkun ni omi ńlá. Okùn ni wọ́n fi so bọ́dì méjì pọ̀ nínú ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù láìfi àmì sí i yóò padà bá ‘okun’ mẹ́ta níwájú rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ ìdánwò, méjì nínú wọn á sì wà nínú ìbéèrè kan náà.

Kì í sì ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni a ní láti wá ti Yorùbá fún. Àwọn irin tí baba ńlá wa ti ń rọ ti ní orúkọ: irin, wúrà, fàdákà, bàbà, òjé. Ọ́síjìn àti háídírójìn kò ní, kò sì sí èrè nínú kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó máa hun orúkọ tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Kí ó kọ ọ́ bí a ṣe ń pè é, kí ó sì náwó ọpọlọ rẹ̀ sórí ìtumọ̀. Máàsì náà sàn kí a yá a, nítorí ‘ìwọ̀n’ ti pọ̀ jù lẹ́nu wa: ìwọ̀n gígùn wà, ìwọ̀n àkókò wà, ìwọ̀n ooru wà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ewé náà sọ pé máàsì ni iye ohun tó wà nínú nǹkan, pé ìwúwo sì ni ipá tí ilẹ̀ fi ń fà á. Ẹni tó jẹ́ 60 kg nílẹ̀ wa yóò jẹ́ 60 kg náà lórí òṣùpá. Ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bí 600 N níbí, kò ní ju nǹkan bí 100 N lọ lọ́hùn-ún.

Ẹ̀yìn ìwé náà ni kí ó wà fún àwọn ọ̀rọ̀ tí olùdánwò fi ń pàṣẹ. Òmìnira ló wà fún akẹ́kọ̀ọ́ láti rò pé ‘sitéètì’ ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pé ‘yúnífọ́ọ̀mù’ ni aṣọ ilé ẹ̀kọ́, pé ‘àkáǹtì’ ni ti báńkì. Nínú ìdánwò, sitéètì ń sọ pé kó sọ ọ́ ní ṣókí láìṣàlàyé. Yúnífọ́ọ̀mù túmọ̀ sí pé nǹkan dọ́gba jálẹ̀jálẹ̀, tí kò yára sí i tí kò sì dín. Ẹni tí wọ́n bá ní kó ṣe ‘àkáǹtì’ fún nǹkan, ìdí tí nǹkan náà fi rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Ọmọ tó kọ ojú ewé méjì fún sitéètì tí gbólóhùn kan tó fún ti pàdánù àkókò rẹ̀ fún ìbéèrè tó kù.

Inú ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣa ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kì í ṣe láti inú ìwé atúmọ̀ èdè, torí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tí yóò pàdé ti ń dọdẹ rẹ̀. Ní ti àwọn olùkọ́, ohun kan ṣoṣo la ń bẹ̀ wọ́n fún. Kí olùkọ́ físíìsì àti olùkọ́ Yorùbá tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà jókòó pọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí ipá, iṣẹ́, okun àti agbára yóò máa jẹ́ ní kíláàsì wọn, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí táàmù tuntun tó wọlé.